Kánàkò Kì í Pa Ọ̀nà Rẹ́: Bí A Ṣe Ń Fún Oògùn Inú Ìtàn Ní Gbèsè, Ààlà àti Èèwọ̀

Nínú ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ tí mo kọ, ọdẹ kan ní egbé. Ẹ mọ egbé: ewu dé, ẹni tó ní in pòórá níbẹ̀, ó sì bá ara rẹ̀ nílé. Ní orí kẹta, ẹkùn lé ọdẹ mi, egbé gbé e. Ní orí kẹfà, àwọn ọlọ́ṣà ká a mọ́, egbé tún gbé e. Ní orí kẹsàn-án, ọba mú un, wọ́n dì í lókùn, wọ́n fẹ́ bẹ́ ẹ lórí, mo wá kọ ọ́ pé ó ń sunkún. Mo ka ìtàn náà sí etí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. Aṣọ ló ń ká lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Àbúrò, egbé rẹ̀ ń kọ́?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, okùn tí wọ́n fi dì í ni kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́."

"O ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa tẹ́lẹ̀. O ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó ni."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó lóòótọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi oògùn èyíkéyìí kí n tó fi sínú ìtàn. Èkíní: kí ló dé tí kò lò ó nígbà tí wàhálà dé? Èkejì: kí ló dé tí gbogbo ìlú ò máa lò ó lójoojúmọ́? Bí mi ò bá rí ìdáhùn, oògùn náà á ba ìtàn jẹ́ ni. Bí mo bá rí i, ìdáhùn yẹn fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń di ìtàn.

Oògùn kan ṣoṣo ni màá mú nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ìyẹn kánàkò, oògùn tó ń gé ọ̀nà kúrú. Màá tò ó látìbẹ̀rẹ̀ títí tí ìjà fi jáde nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta la máa lò. Gbèsè ni ohun tí oògùn ń gbà nígbàkúùgbà tí wọ́n bá lò ó. Ààlà ni ohun tí kò lè ṣe, bí o tilẹ̀ kó gbogbo ilé ayé fún un. Èèwọ̀ ni ohun tí ẹni tó ní in kò gbọdọ̀ ṣe, tó bá ṣe é, oògùn bàjẹ́. Ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀, nítorí iṣẹ́ wọn nínú ìtàn kò dọ́gba. Gbèsè ló ń mú kí ẹ̀dá ìtàn yan èyí kó fi tọ̀hún sílẹ̀. Ààlà ló ń mú kó ronú. Èèwọ̀ ló ń mú kó bá àwọn èèyàn jà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: sọ iṣẹ́ oògùn náà ní gbólóhùn kan tó ṣeé wọ̀n

"Kánàkò ń gé ọ̀nà kúrú" kò tíì tó. Ó gé e kù mélòó? Mo kọ ọ́ báyìí: ẹni tó bá lo kánàkò yóò fi ẹsẹ̀ rin ìdá kan nínú mẹ́wàá ọ̀nà tó ń lọ, ìdá mẹ́sàn-án yòókù yóò fò ó.

Lẹ́yìn náà, wá ilẹ̀ tí ọ̀nà yóò fi ṣòro. Nínú ayé tí mo dá, ìlú kan wà lórí àpáta, orúkọ rẹ̀ ni Agbókè, ọjà rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Òkè Ìdànrè ni mo fi ṣe àwòkọ, níbi tí àwọn baba ńlá àwọn ará Ìdànrè gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Àtẹ̀gùn tí wọ́n ṣe síbẹ̀ lé ní 600, ẹni tó bá ti gùn ún rí mọ̀ pé òkè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Láti Àkúrẹ́ sí Ìdànrè lé díẹ̀ ní kìlómítà 20, nítorí náà mo fi 20 gééré sí àárín Agbókè àti ọjà rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le máa ń rin nǹkan bíi kìlómítà 5 ní wákàtí kan, tó túmọ̀ sí wákàtí mẹ́rin ní àlọ nìkan. Kòkó ni wọ́n ń tà. Àpò kòkó kan lé ní kìlógíráàmù 60, èèyàn kò lè fi orí rù ú lọ jìnnà, nítorí náà ìlàjì ìlàjì ni àwọn alárùú Agbókè ń rù.

Pẹ̀lú kánàkò, kìlómítà 20 di 2. Alárùú á dé ọjà láàárín ìṣẹ́jú 24, kó tó di pé ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹní ọjà. Owó ńlá nìyẹn. Ìdí tí mo fi ń da ara mi láàmú pẹ̀lú ìṣirò ni pé bí mi ò bá mọ ohun tí oògùn jèrè fún un, mi ò ní mọ iye tó yẹ kó gbà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ta ni yóò san gbèsè náà?

Ibí ni mo ti pẹ́ jù, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kí ẹ ti pẹ́ jù.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ ni pé àárẹ̀ máa ń mú ẹni tó bá lo kánàkò. Àárẹ̀ kì í ṣe gbèsè. Ó sùn, ilẹ̀ mọ́, ó tán. Ẹ̀jẹ̀ imú náà kò yàtọ̀, èyí tí gbogbo wa fẹ́ràn láti máa kọ: ó nù ún, ìtàn ń lọ. Mo wá yí padà, mo ní ọdún kan máa ń kúrò nínú ẹ̀mí rẹ̀ nígbàkúùgbà. Ìyẹn dún bí ohun tó wúwo, àmọ́ kò wúwo, nítorí kò sí ẹni tó mọ iye ọdún tó kù fún òun. Nínú ìran tí mò ń kọ, kò sí ohun tó yí padà lójú ẹnikẹ́ni. Gbèsè tí a kò ní rí títí ọjọ́ ikú kì í da èèyàn láàmú ní àárọ̀ òní.

Ìgbà tí mo fi oògùn sílẹ̀, tí mo wá wo ọ̀nà fúnra rẹ̀, ni mo rí i. Kìlómítà 18 tí alárùú fò, ibo ló lọ? Mo kọ ọ́ sí orí ìwé: ọ̀nà kì í parẹ́. Bí ẹnì kan kò bá rìn ín, ẹlòmíì á rìn ín.

Òfin gbèsè náà wá rí báyìí. Ọ̀nà tí o fò yóò bọ́ sí orí ẹni tó bá ọ jẹun nínú ìkòkò kan náà lálẹ́ àná. Bí wọ́n bá ju ẹyọ kan lọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde nínú ilé ló bọ́ sí lórí. Bó o bá dá jẹun, ìrìn rẹ tó kàn ni yóò gùn sí i. Bí oòrùn bá sì wọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó jẹun jáde, ọ̀nà náà yóò wọlé: láti ẹnu ọ̀nà dé ibi ẹní á wá jìnnà ní kìlómítà 18.

Kí n tó gba gbèsè kan wọlé, mo máa ń wò ó bóyá ó kan ẹni tí kò bẹ̀bẹ̀ fún oògùn náà, nítorí ẹni tó ń jẹ ara rẹ̀ níyà lè dákẹ́, ẹni tí wọ́n fi ìyà ẹlòmíì jẹ kò ní dákẹ́. Mo tún máa ń wò ó bóyá ojú lè rí i, bóyá mo lè kọ ọ́ láìlo ọ̀rọ̀ bíi "ìrora" tàbí "ìbànújẹ́". Èyí ni bí mo ṣe dán an wò pẹ̀lú Akin, alárùú kan, àti ìyá rẹ̀ tó ń lọ sí odò tó wà lẹ́yìnkùlé:

*Ó rí odò náà láti ẹnu ọ̀nà. Ó rìn, odò wà níbẹ̀. Ó rìn títí oòrùn fi kan àtàrí, odò ṣì wà níbẹ̀, kò súnmọ́, kò jìnnà. Obìnrin tó ń fọ aṣọ létí omi fọ tirẹ̀ tán, ó sá a, ó gbẹ, ó ká a, ó wá kí i pé, "Ẹ kú ìrìn o, ìyá." Nígbà tí omi kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀ kó tó bù ún. Ó délé, ó bá ọmọ rẹ̀ tó ń ka owó. Kò sọ nǹkan kan. Ó na ẹsẹ̀ síwájú iná. Akin rí àtẹ́lẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó dá owó dúró, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ookan.*

Bí ìran gbèsè bá ń fẹ́ kí n ṣàlàyé lẹ́yìn rẹ̀, mo mọ̀ pé gbèsè náà kò tíì dára.

Ìgbésẹ̀ kẹta: fi ààlà sí ibi tí ìtàn fẹ́ gbà sá

Jókòó, kó o kọ gbogbo ọgbọ́n tí alárékérekè lè fi bọ́ lọ́wọ́ gbèsè sílẹ̀. Mo kọ mọ́kànlá. Àwọn kan dára, mo fi wọ́n sílẹ̀ kí ẹ̀dá ìtàn lè lò wọ́n: Akin lè lọ jẹun lóun nìkan lábẹ́ igi kó má bàa kó bá ìyá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣe é. Ìyá rẹ̀ á wá máa bi í pé ta ló sọ fún un pé òun ń fi májèlé sí ọbẹ̀.

Mẹ́ta péré ni mo fi ààlà dí. Kánàkò kò ṣiṣẹ́ lórí ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ kò tíì tẹ̀ rí. Kò lè gbé ohun tó ń mí, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́ tàbí adìyẹ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ láàárín ìgbà tí oòrùn bá yọ sí ìgbà tó bá tún yọ. Mẹ́ta tó. Tó bá ti di márùn-ún, òǹkàwé á gbàgbé, ìgbà tó o bá sì lo èkarùn-ún, lójú rẹ̀ o ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó ni.

Ààlà tó kàn ń ti ilẹ̀kùn nìkan kò wúlò tó. Bi í léèrè pé ilẹ̀kùn wo ló ń ṣí. "Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ ti tẹ̀ rí" ṣí ilẹ̀kùn fún èmi: ó sọ mí di ẹni tó ń kọ nípa ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti dé rí àti ibi tó kọ̀ láti dé. Ìlú tí o kò wọ̀ nítorí ìjà ìdílé, ilé àna tí o kò yà sí, gbogbo rẹ̀ di ọ̀ràn oògùn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: èèwọ̀ kan, ó tó

Èèwọ̀ tí kò ṣòro pa mọ́ kò ṣe nǹkan kan fún ìtàn. "Kò gbọdọ̀ jẹ ẹran ọ̀bọ": ta ló fẹ́ jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀? Wá ohun tí àwọn èèyàn ibẹ̀ ń ṣe láìronú, kó o gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní tiwa, ìkíni ni. Ẹni tó ń bẹ lórí kánàkò kò gbọdọ̀ kí èèyàn, kò sì gbọdọ̀ dáhùn ìkíni, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn dé òpin. Tó bá la ẹnu, ọ̀nà á já sílẹ̀, gbogbo kìlómítà 20 á sì padà sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tó wà, pẹ̀lú ẹrù lórí. Ẹ wo ohun tí èyí ṣe. Akin ń lọ lówùúrọ̀, ó pàdé ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, obìnrin tó jẹ́ agbẹ̀bí, tó dàgbà ju ìyàwó rẹ̀ lọ ní ogún ọdún. "Akin, ẹ kú àárọ̀ o," ni obìnrin náà sọ, ó fi ẹ̀fẹ̀ ṣe é, òun àgbà ló kọ́kọ́ kí ọmọdé. Akin wo iwájú, ó kọjá. Bóyá obìnrin náà mọ̀ pé kánàkò ni, bóyá kò mọ̀. Ó tilẹ̀ mọ̀: òun náà ní tirẹ̀. Àmọ́ ojú ọ̀nà la wà, àwọn èèyàn sì rí i pé ọkọ àbúrò òun kò dá òun lóhùn. Ó búra pé ẹsẹ̀ òun, tí kò tíì tẹ ilé Akin rí, kò ní tẹ̀ ẹ́ láéláé.

Ẹ fi ìbúra yẹn sọ́kàn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kí ni ìlú á fi ṣe?

Kí oògùn wà fún ọdún mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni má fi jẹun? Kò ṣeé ṣe. Àwọn olówó kòkó á máa se oúnjẹ alẹ́ fún àwọn tálákà, kí gbèsè ọ̀nà lè bọ́ sí wọn lórí láàárọ̀. Mo pe àwọn yẹn ní ajẹrìn. Wọ́n jẹ iyán àti ọbẹ̀ tó lẹ́ran, àkùkọ kọ, wọ́n to sẹ́nu ọ̀nà, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ jáde. Nítorí ajẹrìn, "ẹ bá wa jẹun" di ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbọ́ ní Agbókè tí ẹ̀rù fi ń bà wọ́n, àwọn ìyá sì ń na ọmọ tó bá jẹun nílé aládùúgbò. (Ìyá tèmi náà ń nà wá fún ìyẹn, kò nílò kánàkò kankan.) Má pẹ́ jù níbí. Ìwà kan tàbí méjì tí oògùn yí padà tó, tó bá ṣáà jẹ́ ìwà tí gbogbo ènìyàn ń hù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ní káàdì bíi ti alájọ

Ẹ̀yin tó ń dá àjọ mọ káàdì tí alájọ ń sàmì sí, ilé kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Mo ya irú rẹ̀ fún ìtàn. Ìran kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀: ta ló lo oògùn, kìlómítà mélòó, ta ló bá a jẹun lálẹ́, orí ta ni gbèsè bọ́ sí, ṣé ó ti rìn ín. Ìlà kan ń tó fún ìran kan. Ibi tí mo ti sàmì pé wọ́n lo oògùn, tí mi ò rí orúkọ ẹni tó san án, mo ti jalè nìyẹn, òǹkàwé á sì mú mi. Mo rí irú rẹ̀ ní ibi mẹ́rin nínú ìwé tí mo ń kọ lọ́wọ́. Nínú ọ̀kan, Akin fo ọ̀nà ní ọjọ́ ọjà méjì tẹ̀ lé ara wọn, ìyá rẹ̀ sì jókòó sílé ó ń já ẹ̀fọ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: kó àwọn òfin náà jọ sínú ọjọ́ kan

Títí di ìsinsìnyí a kò tíì ní ìjà, òfin la ní. Láti rí ìjà, wá ọjọ́ kan tí gbèsè, ààlà àti èèwọ̀ á fi bọ́ sí ọwọ́ àwọn èèyàn tí kò sí ẹni burúkú láàárín wọn. Èyí ni tèmi.

Ìyàwó Akin lóyún, oṣù rẹ̀ ti pé. Akin nílò owó ìkómọ. Lálẹ́, òun, ìyàwó rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ jẹun nínú ìkòkò kan. Wọ́n ti bá ara wọn sọ ọ́: ìyá ni yóò kọ́kọ́ jáde láàárọ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Aago mẹ́fà, Akin fo ọ̀nà lọ sọ́jà. Kò tíì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tó kúrò, ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ìyá dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ igbe, ó dúró. Bó bá gbé ẹsẹ̀ jáde, ìṣísẹ̀ kan yẹn á di kìlómítà 18, ó lé ní wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ le, òun sì ti darúgbó. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ á dá wà. Bí kò bá jáde títí oòrùn fi wọ̀, ọ̀nà á wọlé. Ó padà sínú yàrá. Ó rò pé ọmọ á ti dé kó tó di ọ̀sán.

Ọmọ kò dé. Akin ta kòkó, ó fi ẹsẹ̀ gun òkè padà nítorí ó ti lo oògùn òòjọ́ rẹ̀, ó délé ní nǹkan bí aago mẹ́ta. Òun lè jáde kó sì wọlé bó ṣe fẹ́, gbèsè kò sí lórí òun. Wọ́n ní kó lọ pe agbẹ̀bí. Agbẹ̀bí wo ni ìlú ní? Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ṣàlàyé kánàkò, obìnrin náà ní kó tún un ṣàlàyé lójú àwọn tó rí i lọ́jọ́ náà. Ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Akin ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, ó ń kó àwọn ẹlẹ́rìí jọ, oòrùn ń lọ.

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé, oòrùn ti wọ̀. Fìtílà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ìyàwó rẹ̀ hàn lọ́nà jíjìn réré bí ìràwọ̀. Kìlómítà 18, nínú ilé. Akin kò lè fò ó, ó ti lò ó lónìí. Bó tilẹ̀ lè fò ó, kò lè gbé agbẹ̀bí, nítorí ó ń mí. Agbẹ̀bí ní kánàkò tirẹ̀, kò sì tíì lò ó lọ́jọ́ náà, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ ilẹ̀ ilé yẹn rí. Òun ló búra.

Kò sí ohun kan nínú gbogbo èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rò. Bí ìran ńlá rẹ bá nílò òfin tuntun kó tó dun òǹkàwé, padà sẹ́yìn, kó o fi òfin náà sí ibi tí kò ti ní nǹkan kan láti gbà: ọ̀rọ̀ àwàdà, ìjà kékeré lórí ọbẹ̀, adìyẹ tí alárùú kan gbìyànjú láti gbé lọ sọ́jà tó sì bá ara rẹ̀ lọ́jà láìsí adìyẹ. Ìran adìyẹ yẹn wà ní orí kìíní tèmi. Ẹ̀rín ni wọ́n máa fi kà á.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: fún ẹni tí kò bọ̀wọ̀ fún ọ kó wá ihò

Àmì pé òfin rẹ kò dúró kì í farasin. Bí àwọn ẹ̀dá ìtàn kò bá lo oògùn náà rárá láti orí kejì lọ, gbèsè rẹ ti wúwo jù, dín in kù. Bí wọ́n bá ń lò ó láìbá ara wọn sọ nǹkan kan ṣáájú, ó fúyẹ́ jù. Bí o bá sì rí i pé ò ń kọ "lọ́jọ́ náà, oògùn kọ̀, kò jẹ́," pa gbólóhùn náà rẹ́, kó o wá ìdí.

Àwọn ihò tó kù, ojú ẹlòmíì ló ń rí wọn. Mo gbé ọjọ́ ìbímọ yẹn lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Ọjà Ọba. Mo kà á dé ibi fìtílà. Ó gbé aṣọ sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, inú mi dùn.

"Ògiri ilé yẹn, kí ni wọ́n fi mọ ọ́n?"

"Amọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Kí wọ́n gba ẹ̀yìn ilé, kí wọ́n dá a lu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ṣé wọn ò ní ọkọ́ ni?"

Mo lo ọjọ́ mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ ọkọ́ yìí. Mo lè fi ààlà kẹrin dí i, pé ibikíbi tí èèyàn bá gbà wọlé, ọ̀nà náà gùn bákan náà. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n dá ògiri náà lu. Àmọ́ ihò tó ṣí sílẹ̀ ti di ẹnu ọ̀nà, ìyá Akin tó wà nínú sì jẹun nínú ìkòkò yẹn: bí wọ́n bá gba ibẹ̀ fa ìyàwó jáde, ẹni tó kọ́kọ́ jáde nínú àwọn méjèèjì ni gbogbo kìlómítà 18 yóò bọ́ sí lórí, ilé á sì padà sí bó ṣe wà. Ìyá ti mọ ohun tóun á ṣe kí wọ́n tó fa amọ̀ àkọ́kọ́ ya. Ohun tí mo ní láti lọ fi sí orí kejì báyìí ni olè kan tó gba òrùlé wọ ilé olówó kòkó kan ní alẹ́ tí ọ̀nà wọlé, kí àwọn ará Agbókè ti mọ̀ tipẹ́ pé ihò náà ẹnu ọ̀nà ni.